Ṣé wọ́n kọ́ nǹkan lóòótọ́? Bí a ṣe ń ṣe ìdánwò ìṣáájú àti ìdánwò ẹ̀yìn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú lórí ìṣúná owó

Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí mẹ́ta lórí ìṣúná owó bá parí, iye kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ olùṣètò máa ń gbé jáde: àwọn olùkópa gba 3.5 nínú 8 kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba 4.7 nígbà tó parí. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìròyìn, inú ẹni tó náwó sí i á sì dùn. Iye yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ohun tó bò mọ́lẹ̀ pọ̀ ju ohun tó sọ lọ. Kò sọ ẹni tó kọ́ nǹkan tuntun. Kò sọ ẹni tó kàn méfò tí ó sì bọ́ sí i. Kò sì sọ ti ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀kọ́ wá dà á lójú rú, bẹ́ẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n láwùjọ.

Bí a ṣe ń kọ ìbéèrè tó lè ya àwọn èèyàn wọ̀nyí sọ́tọ̀, àti bí a ṣe ń ka ìdáhùn wọn, ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí. Àpẹẹrẹ tí a máa tẹ̀ lé ni ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí mẹ́ta kan tí èèyàn 40 ṣe ìdánwò rẹ̀ méjèèjì, ìbéèrè mẹ́jọ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo to iye inú àpẹẹrẹ náà jọ kí ìṣirò lè rọrùn. Mi ò fi orúkọ owó kankan sí i. Ẹ fi irú owó tí àwọn èèyàn yín ń ná sí i nígbà tí ẹ bá ń kọ tiyín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ohun mẹ́ta péré

Wákàtí mẹ́ta kò tó láti kọ́ èèyàn ní ohun mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè mẹ́jọ kò lè wọn ohun mẹ́wàá. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí olùkópa gbọ́dọ̀ lè ṣe nígbà tó bá ń lọ sílé, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ìṣe kọ ọ́. “Kí wọ́n lóye èlé” kò tó. “Kí wọ́n lè ṣírò iye tí owó máa dà lẹ́yìn ọdún méjì bí èlé bá ń gun orí èlé” ló ṣeé dán wò.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ohun mẹ́ta náà rèé: kí olùkópa lè ṣírò èlé orí èlé, kí ó lè fi àpapọ̀ owó tí òun máa san wé ara wọn láàárín ẹ̀yáwó méjì, kí ó sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó tó wà ní ìpamọ́ nígbà tí ọjà bá ń wọ́n sí i. Ìbéèrè méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di mẹ́fà. Méjì yòókù máa dá lórí ohun tí ẹ kò kọ́ wọn rárá. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ohun tí kò yẹ kó sí nínú ìdánwò yìí ni irú ìbéèrè bíi “Ṣé ó dára kí èèyàn máa fi owó pamọ́?” tàbí “Ṣé o ti wá mọ̀ nípa owó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?” Gbogbo èèyàn ló mọ ìdáhùn tí ẹ fẹ́ gbọ́ sí ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì ń wọn bí inú wọn ṣe dùn sí olùdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyẹn, ẹ bi wọ́n lórí ìwé ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe kà á mọ́ máàkì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́ kí ìdáhùn tí kò tọ̀nà ní ìtumọ̀

Níbí ni iṣẹ́ gidi wà. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn mẹ́rin tí a ó mú ọ̀kan nínú rẹ̀ ló rọrùn jù láti máàkì, àmọ́ tí ẹ bá kàn fi iye mẹ́ta èyíkéyìí kún èyí tó tọ̀nà, ẹ ti fi ìdajì ìmọ̀ tí ìdánwò náà lè fún yín ṣòfò. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tí kò tọ̀nà gbọ́dọ̀ jẹ́ èso àṣìṣe kan tí èèyàn máa ń ṣe lóòótọ́. Ẹ wo ìbéèrè èlé wa:

*Ẹnì kan fi 1,000 pamọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń san èlé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Kò yọ nǹkan kan nínú rẹ̀, èlé ọdún kọ̀ọ̀kan sì ń wọlé sórí owó náà. Èló ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì?*

- 1,020
- 1,100
- 1,200
- 1,210
- N kò mọ̀

Ìdáhùn tó tọ̀nà ni 1,210: lẹ́yìn ọdún kìíní owó náà di 1,100, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún 1,100 sì jẹ́ 110. Ẹni tó mú 1,200 mọ ohun tí èlé jẹ́, àmọ́ kò mọ̀ pé èlé náà ń bí èlé. Ẹni tó mú 1,100 ṣírò ọdún kan ṣoṣo. Ẹni tó mú 1,020 kò tíì mọ ohun tí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún túmọ̀ sí. Ó kàn ro 10 mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn mẹ́ta tí kò gbà á, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdí tirẹ̀, ohun tí ẹ máa kọ́ wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ kíyè sí i pé ìdá 10 ni mo lò, kì í ṣe ìdá 7 tàbí 13. Bí iye náà bá le láti ṣírò, ìṣirò ni ẹ ń dán wò, kì í ṣe ìmọ̀ nípa èlé. Ẹni tó lóye èlé orí èlé dáadáa lè kùnà nítorí pé kò ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ olùṣètò máa ń lọ mú ìbéèrè tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, èyí tí Annamaria Lusardi àti Olivia Mitchell kọ fún ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004. Ó ní: bí 100 bá wà ní ìpamọ́ pẹ̀lú èlé ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ṣé ó máa ju 102 lọ ni, ṣé 102 gan-an ni, tàbí kò ní tó 102? Ìbéèrè dáadáa ni fún ohun tí wọ́n ṣe é fún, ìyẹn fífi orílẹ̀-èdè wé orílẹ̀-èdè àti ọjọ́ orí wé ọjọ́ orí. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ rárá pé èlé ń gun orí èlé máa ṣírò 110, 110 sì ju 102 lọ, nítorí náà ó gbà á. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín bá fi wákàtí kan kọ́ èlé orí èlé, ìbéèrè yìí kò lè fi hàn pé wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tó ti mọ èlé lásán ti gbà á tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tó tún máa gùn dé. Ìbéèrè gbajúmọ̀ kò túmọ̀ sí ìbéèrè tó bá ẹ̀kọ́ yín mu.

Ẹ tún ṣọ́ra fún “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ní àǹfààní ìdajì láti gbà á. Ó sì tún ní ìṣòro mìíràn: Maarten van Rooij àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò kan ní Nẹ́dálándì, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2011, níbi tí wọ́n ti bi ìdajì àwọn èèyàn ní ìbéèrè kan lórí okoòwò, tí wọ́n sì yí gbólóhùn kan náà padà fún ìdajì yòókù. Iye àwọn tó gbà á yàtọ̀ gidigidi. Ìyẹn ni pé bí gbólóhùn ṣe dún sí wọn létí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀ lé.

Kí ẹ tó tẹ ìbéèrè jáde, ẹ wá èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tó jọ àwọn olùkópa yín, ẹ ní kí wọ́n ka ìbéèrè sókè kí wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Ẹ máa gbọ́ ohun tí ẹ kò retí. Ẹnì kan lè bi yín bóyá ẹni inú ìbéèrè náà kò ní san owó ìtọ́jú àkáǹtì. Ìbéèrè rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ó sì fi hàn pé gbólóhùn kan kù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi kún un. Bí gbogbo wọn bá gba ìbéèrè kan láìrò ó pẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí kò ní lè fi ìyàtọ̀ kankan hàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ̀dà méjì, ìdajì sí ìdajì

Bí ìbéèrè kan náà bá jáde láàárọ̀ tí ó tún jáde lọ́sàn-án, àwọn kan máa rántí pé ìdáhùn kẹrin ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́nu kàn, láìrántí ìdí rẹ̀. Nítorí náà ẹ kọ ìbejì fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìbejì ìbéèrè èlé wa ni ti 500 pẹ̀lú èlé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún méjì. Ìdáhùn tó tọ̀nà jẹ́ 720, àwọn yòókù sì jẹ́ 700, 600 àti 540. Àṣìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tẹ́lẹ̀ ló tún wà níbẹ̀, ní ẹ̀wù mìíràn.

Ìbejì ni wọ́n lójú yín, àmọ́ ọ̀kan lè le ju èkejì lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí gbogbo èèyàn bá ṣe ẹ̀dà A ṣáájú tí wọ́n sì ṣe ẹ̀dà B lẹ́yìn, tí B sì rọrùn díẹ̀, máàkì máa gòkè bí ẹ̀kọ́ kò tilẹ̀ wáyé. Ọ̀nà àbáyọ kò ná yín ní nǹkan: ẹ fún ìdajì ní A láàárọ̀ àti B lọ́sàn-án, kí ẹ fún ìdajì yòókù ní B láàárọ̀ àti A lọ́sàn-án. Ẹ pín ìwé náà bí wọ́n ṣe ń wọlé, A fún ẹni àkọ́kọ́, B fún ìkejì, kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe pín in ní ìlà ìjókòó, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń jókòó pọ̀. Àpẹẹrẹ inú ìwé ẹ̀kọ́ yín kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti A tàbí ti B. Ẹ wá iye mìíràn fún ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: “N kò mọ̀”

Àwọn kan máa ń yọ ìdáhùn yìí kúrò kí èèyàn lè gbìyànjú. Èmi kì í yọ ọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ máa méfò, àméfò ló sì máa ń ba ìṣirò jẹ́ jù. Àmọ́ tí ó bá wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ní ìṣòro tirẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọkàn àwọn èèyàn máa ń le sí i. Ẹni tó mú “N kò mọ̀” láàárọ̀ lè nígboyà láti mú nǹkan lọ́sàn-án, bóyá ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń máàkì, “N kò mọ̀” kò gba máàkì, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Bí àwọn tó kúrò nínú “N kò mọ̀” bá lọ sí ìdáhùn tó tọ̀nà, ìyẹn dára. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá tú ká sórí àwọn tí kò tọ̀nà, ìgboyà ni ẹ̀kọ́ yín fún wọn, kì í ṣe ìmọ̀, èyí sì léwu nínú ọ̀rọ̀ owó.

Gbólóhùn tí ẹ fi ṣàlàyé “N kò mọ̀” fún wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà nígbà méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ láti orí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìbéèrè méjì tí ẹ kò kọ́ wọn

Méjì tó kù nínú mẹ́jọ dá lórí ìṣúná owó, àmọ́ kò sí nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn: ọ̀kan lórí ìdíyelófò, ọ̀kan lórí ewu kíkó gbogbo owó sínú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wọn ni láti fi hàn yín bí máàkì ṣe máa ń gòkè fúnra rẹ̀ nítorí pé ara ti mọ́lé, pé wọ́n ti rí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, pé ẹ̀rù kò bà wọ́n mọ́.

Nínú àpẹẹrẹ wa, máàkì ìbéèrè mẹ́fà tí a kọ́ lọ láti 2.6 sí 3.7. Ti méjì tí a kò kọ́ lọ láti 0.9 sí 1.0. Ìyàtọ̀ yẹn fi ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀. Ká ní méjì yẹn lọ láti 0.9 sí 1.3 ni, a ó mọ̀ pé apá tó pọ̀ nínú ìgòkè náà kò ti inú ẹ̀kọ́ wá, nítorí ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn fi gòkè ì bá tilẹ̀ ju ti àwọn tí a kọ́ lọ díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ ìdánwò

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Ìdánwò ìṣáájú gbọ́dọ̀ wáyé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìkíni tàbí pín ìwé ẹ̀kọ́. Ẹ má kọ orúkọ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe àmì ìdánimọ̀ láti inú ohun tí wọn kò lè gbàgbé: lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìyá wọn, ọjọ́ tí wọ́n bí wọn nínú oṣù, àti iye ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ní. Láìsí àmì yìí, gbogbo ohun tó wà ní ìgbésẹ̀ tó kàn kò ṣeé ṣe, nítorí ẹ kò ní lè so ìwé àárọ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ọ̀sán.

Àwọn kan máa dé lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́, àwọn kan máa lọ kí ó tó parí. Ká ní èèyàn 52 ló ṣe ti àárọ̀, tí 40 sì ṣe méjèèjì. Àwọn 40 yìí nìkan ni ẹ ó lò, àmọ́ ẹ wo máàkì àárọ̀ àwọn 12 tó lọ. Bí tiwọn bá kéré sí ti àwọn tó dúró, ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àwọn tí ẹ̀kọ́ náà le fún jù lè ti kúrò kí ẹ tó wọn wọ́n.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ tẹ̀ lé èèyàn kọ̀ọ̀kan lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan

Èèyàn mẹ́rin ló wà fún ìbéèrè kan: ẹni tó kùnà tẹ́lẹ̀ tó wá gbà á, ẹni tó gbà á nígbà méjèèjì, ẹni tó kùnà nígbà méjèèjì, àti ẹni tó gbà á tẹ́lẹ̀ tó wá kùnà. William Walstad àti Jamie Wagner ló tan ọ̀nà yìí kálẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀ ajé, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016. Ó rọrùn débi pé ìwé àti bírò tó fún un. Bí ẹ bá ń lo Excel, ẹ kọ 1 fún ẹni tó gbà á àti 0 fún ẹni tó kùnà, ti àárọ̀ sí òpó B, ti ọ̀sán sí òpó C. Àwọn tó kùnà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá gbà á ni:

```
=COUNTIFS(B2:B41,0,C2:C41,1)
```

Ẹ pààrọ̀ 0 àti 1 fún àwọn mẹ́ta yòókù.

Lórí ìbéèrè èlé wa, èèyàn 18 kùnà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá gbà á, 9 gbà á nígbà méjèèjì, 8 kùnà nígbà méjèèjì, 5 gbà á tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá kùnà. Àwọn tó gbà á láàárọ̀ jẹ́ 14, àwọn tó gbà á lọ́sàn-án jẹ́ 27.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kánjú sọ ni pé èèyàn 18 ló kọ́ ọ. Ẹ dúró ná. Ká ní kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan, tí gbogbo èèyàn 40 ń méfò láàárín ìdáhùn mẹ́rin láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rìndínlógún wọn máa kùnà kí wọ́n tó wá gbà á, ìyẹn èèyàn méje tàbí mẹ́jọ, láìkọ́ ohunkóhun. Iye kan náà ló sì máa gbà á kí ó tó wá kùnà. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: àméfò máa ń ti èèyàn lọ síwájú àti sẹ́yìn ní iye tó dọ́gba, nígbà tí ẹ̀kọ́ máa ń ti wọ́n síwájú. Àwọn 5 tó padà sẹ́yìn ló ń sọ fún yín iye tí ó ṣeé ṣe kí ó bọ́ síwájú nípa àméfò. Nítorí náà 18 dín 5, èyí tó jẹ́ 13, ló sún mọ́ iye àwọn tó kọ́ nǹkan lóòótọ́.

Ṣé 13 yẹn lè jẹ́ ọ̀ràn orí ire? Ẹ wo àwọn tó yí padà nìkan, 23 ni wọ́n. Bí ẹ̀kọ́ kò bá ṣe nǹkan kan, ẹni kọ̀ọ̀kan nínú wọn ì bá dà bí owó ẹyọ tí a jù sókè, síwájú tàbí sẹ́yìn, ìdajì sí ìdajì. Ìbéèrè wá di pé: báwo ló ṣe rọrùn tó kí a ju owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún kí ojú kan sì jáde ní ìgbà márùn-ún péré? Excel máa dáhùn:

```
=2*BINOM.DIST(5,23,0.5,TRUE)
```

Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.011, ìyẹn ni pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà kan péré nínú ọgọ́rùn-ún bí kò bá sí ìyípadà gidi. McNemar ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yìí, láti ọdún 1947 ló sì ti wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò bìkítà nípa àwọn tí kò yí padà, kò sì béèrè ìmọ̀ ìṣirò tó jinlẹ̀.

Ẹ tún wo ibi tí àwọn 18 náà ti wá. Nínú àpẹẹrẹ wa, 11 nínú wọn mú 1,200 tàbí ìbejì rẹ̀ láàárọ̀, 5 mú “N kò mọ̀”, 2 yòókù mú àwọn mìíràn. Àṣìṣe kan pàtó ni ẹ̀kọ́ náà tú, àṣìṣe gbígbàgbé pé èlé ń bí èlé. Irú gbólóhùn yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀kọ́ náà ṣe ju “máàkì gòkè” lọ fíìfíì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ lọ wo àwọn tó padà sẹ́yìn

Ìbéèrè kan lórí ọ̀wọ́n ọjà sọ pé owó ìpamọ́ ń gba èlé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, nígbà tí iye owó ọjà ń fi ìdá 8 gòkè. Lẹ́yìn ọdún kan, ṣé ohun tí owó náà lè rà máa pọ̀ sí i, ṣé ó máa wà bákan náà, tàbí ó máa dín kù? Èèyàn 20 gbà á láàárọ̀, èèyàn 24 gbà á lọ́sàn-án. Lójú, ìgòkè díẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a pín wọn sí mẹ́rin, 12 lọ síwájú, 8 padà sẹ́yìn, 12 gbà á nígbà méjèèjì, 8 kùnà nígbà méjèèjì. Owó ẹyọ tí a jù lẹ́ẹ̀ogún lè mú 8 àti 12 jáde láìsí ìyàlẹ́nu rárá. Àyẹ̀wò náà fún wa ní nǹkan bí 0.5. A kò lè sọ pé wọ́n kọ́ nǹkan.

Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ló parí sí. Ẹ wo ìdáhùn tí àwọn 8 yẹn sá lọ bá. Bí wọ́n bá tú ká sórí gbogbo ìdáhùn tó kù, àméfò ni. Nínú àpẹẹrẹ wa, 7 nínú wọn mú “máa pọ̀ sí i”. Nǹkan kan ló darí wọn síbẹ̀. Nígbà tí a ka ìwé ẹ̀kọ́ padà, a rí i: olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ti lo wákàtí kan lórí bí owó ìpamọ́ ṣe ń dàgbà, iye inú àkáǹtì tó ń pọ̀ sí i ló sì kún ojú bébà, kí ó tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sáré sọ nípa ọ̀wọ́n ọjà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ gbọ́ “owó ń dàgbà” ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀kọ́ kan ló pa ìkejì. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ má ṣe yọ ìbéèrè náà kúrò nítorí pé ó “kò ṣiṣẹ́”. Ìbéèrè yẹn ló ṣiṣẹ́ jù lọ nínú mẹ́jọ. Ẹ̀kọ́ ni kí ẹ tún ṣe: ẹ mú ọ̀wọ́n ọjà wọ inú àpẹẹrẹ ìpamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa rí iye owó àti ohun tó lè rà pa pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ padà lọ bá wọn

Ìdánwò tí a ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ń wọn ohun tó ṣì ń dún létí. Ẹ mú ìbéèrè mẹ́rin, ọ̀kan fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ́ àti ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ kò kọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Àmì ìdánimọ̀ kan náà ni kí wọ́n lò. Gbogbo wọn kò ní dáhùn. Ẹ tún fi máàkì ọ̀sán àwọn tó dáhùn wé ti àwọn tó dákẹ́, bí ẹ ti ṣe fún àwọn 12 ìjọ́sí.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni iṣẹ́ tí Daniel Fernandes, John Lynch àti Richard Netemeyer tẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ ìṣúná owó jọ, wọ́n sì rí i pé ipa rẹ̀ lórí ohun tí èèyàn ń fi owó ṣe kò ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn, àti pé ipa náà máa ń ṣá bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2022, tí Tim Kaiser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kó àyẹ̀wò 76 jọ, tí gbogbo wọn jẹ́ èyí tí a fi ìbò pín àwọn èèyàn sí ẹgbẹ́, rí èso tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìmọ̀ àti lórí ìwà, ti ìmọ̀ sì tóbi ju ti ìwà lọ. Ìdánwò yín ń wọn ìmọ̀ nìkan. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àwọn olùkópa ti ń fi owó pamọ́ dáadáa nítorí pé wọ́n gba ìbéèrè èlé.

Ohun kan ṣì kù tí gbogbo ètò yìí kò lè ṣe: kò lè fi ìdánilójú sọ pé ẹ̀kọ́ yín nìkan ló fa ìyípadà tí ẹ rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí wọ́n lè ti gbọ́ ọ níbòmíràn. Bí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ bá pọ̀ ju àyè lọ, ẹ fi ìbò pín wọn sí ìpele méjì, kí àwọn ti ìpele kejì ṣe ìdánwò náà ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti ìkíní, kí wọ́n tó gba ẹ̀kọ́ tiwọn. Wọn kò pàdánù nǹkan kan ju ìdúró díẹ̀ lọ. Bí àyè kò bá sì gbà á, ìbéèrè méjì tí ẹ kò kọ́ wọn yẹn ni ẹlẹ́rìí tí ẹ ní. Ẹ kọ máàkì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti mẹ́fà yòókù nínú ìròyìn, pẹ̀lú iye àwọn tó lọ síwájú àti àwọn tó padà sẹ́yìn lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.